Irọ́ Ibà

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, obìnrin oníṣòwò kan tí mo mọ̀ n'Íbàdàn a máa pe ọ̀gá ọkọ rẹ̀ lórí fóònù: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibà ló ń ṣe é." Kò síbà kankan. Paraga àná ni. Ìfẹ́ ló ń mú un parọ́, àmọ́ irọ́ náà ni kò jẹ́ kí ọkọ mọ ohun tí ọtí ń ná an.

Nígbà tó sú u, ó da gbogbo ogógóró ilé nù. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ ọkọ ń gbọ̀n débi pé kò lè gbé ife tíì. Ó ń làágùn, ó ń bì. Ẹ̀rù bà á. Ó tọ́ kó bà á. Ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, bó bá ṣíwọ́ lójijì, gìrì lè gbé e láàárín wákàtí 48. Ó tún lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Dókítà ló ń fi oògùn tu irú wọn.

Ọsibítù ló gbé e lọ. Ní báyìí, kì í pe ọ̀gá mọ́. Owó iléèwé ọmọ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Tí ọkọ bá ti mutí, kì í wọ mọ́tò tó bá ń wà. Ó ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀.