Orúkọ Tí Ọmọdé Á Fi Kígbe

Lọ́jọ́ íńtá-háòsì, wọn kì í tíì fọn fèrè eré sísá tí ariwo á ti gba pápá. Ilé Pupa ń ké, Ilé Búlúù ń dáhùn, oníkálùkù ń pe ẹranko tó fi ṣe àmì ilé rẹ̀. Bí àwọn olùkọ́ bá ń wá orúkọ ẹranko bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wò. Ohùn orúkọ náà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fetí sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Ilé Yẹ́lò fẹ́ mú ẹfọ̀n. Ẹranko ńlá ni, kò sẹ́ni tó ń bá a ṣeré nínú igbó. Ṣùgbọ́n ohùn àárín ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ yìí, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì parí rẹ̀. Inú ọmọdé tó ń kígbe kì í dùn títí kó jẹ́ kí ohùn òun wálẹ̀ níparí. Òkè ló máa ń gbé e lọ. Bí ìparí bá ti ga ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ, ẹ̀fọn làwọn òbí tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà máa gbọ́. Kí ẹ tó mọ̀, Ilé Pupa á ti máa pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń pa ẹ̀fọn.

Ẹ wá gbọ́ ògòǹgò. Sílébù mẹ́rin ni, ohùn ìsàlẹ̀ sì ni gbogbo wọn: ò-gò-ǹ-gò. Kò sí èyí tó gòkè, kò sí èyí tó wálẹ̀. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣáà ti dọ́gba lẹ́nu àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá ń yan, ẹsẹ̀ òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, orúkọ ti pé. Ẹyẹ tí kì í fò, tó sì lè sáré tó 70 kìlómítà ní wákàtí kan, bá ọjọ́ eré mu.

Ibì kan ṣoṣo ló ti lè kọsẹ̀. Bí aṣáájú bá ní "Àwa lọmọ Ògòǹgò", fáwẹ̀lì méjì á pàdé, ọ̀kan lè gbé èkejì mì, orúkọ sì lè ku sílébù mẹ́ta fún ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ìbéèrè ló dára jù. Aṣáájú á ní, "Ta lọba ẹyẹ?" Á dákẹ́ díẹ̀. Gbogbo ilé á wá dáhùn: "Ògòǹgò!" Bó bá jẹ́ eré ìkówójọ fún aláìní ni, kí aṣáájú dúró sẹ́bàá títì, ẹni tó ń sáré kò ní èémí fún ju ìdáhùn kúkúrú lọ.

Kí wọ́n tó ya àwòrán ẹranko sára ẹ̀wù, kí wọ́n rán ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ náà lọ sí òdìkejì pápá, káwọn ọmọ kígbe, kó wá sọ ohun tó gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé e fáwọn ọmọ ilé mìíràn pé kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní ògòǹgò kì í fò. Kí Ilé Yẹ́lò ti ní èsì lẹ́nu: "Ilẹ̀ la ti ń sáré!"