Ogun Tútù àti bí ó ṣe parí

Ogun Tútù ni orúkọ tí a fún ìfagagbága tí ó wà láàárín Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti Ìṣọ̀kan Sófìẹ̀tì láti nǹkan bí ọdún 1947, kété lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, títí di ọdún 1991. A pè é ní tútù nítorí pé àwọn méjèèjì kò kéde ogun lé ara wọn lórí rí. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣàn lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Kòríà, Fẹ́tínámù, Àǹgólà àti Afugánísítáànì, níbi tí ọ̀kan nínú wọn ti bọ́ sójú ìjà fúnra rẹ̀ tàbí tí ó ti ń ti àwọn tí ń jà lẹ́yìn. Ohun tí ó dì wọ́n lọ́wọ́ ni ìbẹ̀rù. Sófìẹ̀tì dán bọ́ǹbù átọ́míìkì tirẹ̀ wò ní ọdún 1949, bí ohun ìjà náà sì ṣe ń pọ̀ sí i, ó dé ibi pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọlu èkejì mọ̀ pé òun náà kò ní yè é.

Ewu ọdún 1983

Ní ọdún 1976, Sófìẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mísáìlì tuntun kalẹ̀, èyí tí àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn ń pè ní SS-20. Ó lè rìn tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, ó sì ń gbé bọ́ǹbù mẹ́ta. Kò lè dé Nú Yọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tó Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Párísì àti Róòmù. Ẹgbẹ́ ológun Nátò pinnu ní oṣù Kejìlá ọdún 1979 pé bí ìjíròrò bá kùnà, wọn yóò gbé mísáìlì Amẹ́ríkà 572 sí Yúróòpù. Ìjíròrò kùnà, mísáìlì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1983. Àwọn aláṣẹ Mọ́síkò gbà pé èyí tí ó yá jù nínú wọn lè dé ọ̀dọ̀ wọn kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé.

Àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀ kò fi ààyè sílẹ̀ fún àṣìṣe. Ní òru ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ẹ̀rọ ìkìlọ̀ Sófìẹ̀tì sọ pé mísáìlì márùn-ún ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ọ̀gágun Stanislav Petrov, tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, rò ó pé ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ogun yìí kò ní fi márùn-ún péré bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó tàn lórí ìkùukùu ni ó tan sátẹ́láìtì jẹ.

Àdéhùn ọdún 1987

Nígbà tí Mikhail Gorbachev gorí àlééfà ní oṣù Kẹta ọdún 1985, ogun Afugánísítáànì ń jẹ owó, ọrọ̀ ajé kò lọ síwájú mọ́, owó epo rọ̀bì sì já wálẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Òun àti Ààrẹ Ronald Reagan pàdé ní Áísílándì ní oṣù Kẹwàá ọdún 1986. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fohùn ṣọ̀kan láti pa gbogbo ohun ìjà átọ́míìkì run, kí ọ̀rọ̀ ààbò ojú òfuurufú tí Reagan kò fẹ́ fi sílẹ̀ tó tú ìpàdé náà ká. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Gorbachev ya ọ̀rọ̀ mísáìlì Yúróòpù sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù, ìyẹn ni ó sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1987.

Àyẹ̀wò ni ó ṣòro jù. Sófìẹ̀tì ní mísáìlì mìíràn tí àdéhùn náà fàyè gbà, SS-25, tí apá kan rẹ̀ jọ ti SS-20 ní òde. Bí àpótí ńlá kan bá jáde ní ilé iṣẹ́, báwo ni ẹlòmíràn yóò ṣe mọ èyí tí ó wà nínú rẹ̀? Ìdáhùn wọn ni pé kí àwọn olùyẹ̀wò Amẹ́ríkà, tí wọn kò ní ju 30 lọ, máa gbé ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà ní Fótíkínsìkì, kí àwọn Sófìẹ̀tì náà sì máa gbé ní Yútà. Ọdún mẹ́tàlá ni èyí gbà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1991, mísáìlì 1,846 ti Sófìẹ̀tì àti 846 ti Amẹ́ríkà ni a ti bà jẹ́.

Ìdí tí ó fi parí

Àwọn kan sọ pé owó tí Reagan ná sórí ohun ìjà ni ó ṣẹ́gun Sófìẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí pé ipá kan náà ní ọdún 1983 kàn mú kí àwọn aláṣẹ Mọ́síkò le sí i ni. Ìpinnu Gorbachev láti má lo ọmọ ogun ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1988 ó kéde ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé òun yóò dín ọmọ ogun kù ní 500,000. Nígbà tí àwọn ènìyàn dìde ní Pólándì, Họ́ngárì àti Ìlà-oòrùn Jẹ́mánì ní ọdún 1989, àwọn ọkọ̀ ogun Sófìẹ̀tì kò jáde gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Họ́ngárì ní 1956 àti ní Tsẹkosilofákíà ní 1968. Odi Bẹ́líìnì ṣí ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá. Ìṣọ̀kan Sófìẹ̀tì fúnra rẹ̀ tú ká ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1991.

Àdéhùn ọdún 1987 dópin ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí Amẹ́ríkà yọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn pé Rọ́ṣíà ti rú u, Rọ́ṣíà sẹ́.