Bí A Ti Í Ṣírò Ẹyin Tí Wọn Yóò Rà Ní Oṣù Tí Ń Bọ̀

Ẹyin tí a kò tètè tà a máa bàjẹ́. Oníbàárà tí kò sì rí ẹyin rà yóò gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí olùsìn adìẹ mọ iye tí yóò pèsè.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Láti Disẹ́ńbà èṣí títí di Nòfẹ́ńbà tí ó kọjá, olùsìn adìẹ kan ta kíréètì ẹyin 1,200. Bí a bá pín in fún oṣù 12, ó di 100 lóṣù. Ṣùgbọ́n nítorí ọdún Kérésìmesì, 140 ni ó tà ní Disẹ́ńbà. Ẹ fi 100 pín 140: 1.4 ni ìwọ̀n àsìkò Disẹ́ńbà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ro títà oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn pọ̀: 104, 110 àti 116. Ẹ fi 3 pín in, ó di 110. Ẹ fi 1.4 sọ ọ́ di púpọ̀: kíréètì 154 ni kí ó pèsè.

Bí oṣù tuntun bá ti parí, ẹ yọ èyí tí ó pẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi 1.4 pín títà Disẹ́ńbà, kí ọjà ọdún má baà tàn yín jẹ ní Jánúárì.

Ẹ kíyè sí i: bí ẹyin bá tán lọ́wọ́ yín ní Disẹ́ńbà èṣí, 140 kéré sí iye tí wọ́n béèrè. Ẹ máa kọ iye tí àwọn tí ó padà lọ́wọ́ òfo fẹ́ rà sílẹ̀ pẹ̀lú.