Ìlà Tó Ń Bá Orúkọ Yín Rìn

Lórí LinkedIn, ìlà kékeré kan máa ń wà lábẹ́ orúkọ oníkálukú tí wọ́n ń pè ní Headline. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn kọ "Oníṣirò owó" síbẹ̀, wọ́n á sì kọjá lọ. Ó máa ń dùn mí, torí pé ìlà yẹn kì í jókòó sójú kan: níbi tí ẹ bá ti dá sọ́rọ̀, ó bá orúkọ yín débẹ̀. Lẹ́tà àti àlàfo 220 ló gbà lápapọ̀, ṣùgbọ́n lórí fóònù, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń hàn.

Ká ní obìnrin oníṣirò owó kan n'Ìbàdàn kọ ọ́ báyìí: "Mo ń bá àwọn oníkẹ́míìsì tọ́jú ìwé owó, kí ọjà orí igbá àti owó inú àpótí lè bára mu." Ẹni tó bá ka èyí lónìí, tó sì gbọ́ tí oníkẹ́míìsì ń ṣàròyé lọ́la, ti mọ ẹni tí yóò júwe fún un. Ẹni náà kì í sábà jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ojúlùmọ̀ tí a kì í rí déédéé ló máa ń mú ìròyìn tuntun wá, torí pé ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ wa kò dé ni wọ́n ń dé. Irú ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní jókòó bi yín léèrè iṣẹ́ yín.

Lẹ́yìn ìlà yìí ló kan ohun tí ẹ ń kọ. Kí obìnrin wa má kọ̀wé pé òun mọṣẹ́. Kó sọ ohun kan tí iṣẹ́ fi hàn án. Bí àpẹẹrẹ: ìwé ní ọjà mílíọ̀nù 4 náírà ló wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kà á, oògùn ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 náírà nínú rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ lílò. Kó wá ṣàlàyé bí a ṣe ń ya irú oògùn bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n má bàa máa kà á mọ́ èrè. Kó má ṣe dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà o, kó má sì sọ àdúgbò. Láàárín ọ̀sẹ̀, kó máa dá sí ọ̀rọ̀ àwọn oníkẹ́míìsì fúnra wọn, kó dáhùn ìbéèrè wọn tán pátápátá.

Ohun tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni kí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti báni dọ́rẹ̀ẹ́, kí a ti fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kó máa wo àwọn tó ń yọjú sí ojú ewé rẹ̀. Bó bá jẹ́ oníṣirò owó bíi tirẹ̀ ló pọ̀ jù, èdè ẹgbẹ́ ló ń sọ. Kó padà lo ọ̀rọ̀ tí oníkẹ́míìsì fi ń ṣàròyé. Ó lè gba oṣù mélòó kan kí ẹnì kan tó kọ̀wé sí i pé: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ bí a ṣe ń ka oògùn tó ti kọjá ọjọ́."