Eegun mẹ́jọ, àpótí mẹ́jọ: ohun tí bíbo orúkọ lórí àwòrán ń dán wò gan-an

Ìròyìn náà ti dé etí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn: Anki ẹ̀dà 23.10 ti jáde, iṣẹ́ tó ń jẹ́ Image Occlusion sì ti wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́mbà ẹ̀dà yẹn ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: ọdún 2023, oṣù kẹwàá. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi àwòrán ara síláìdì olùkọ́ rẹ̀ dán ara rẹ̀ wò ní láti lọ wá àfikún kan tó ń jẹ́ Image Occlusion Enhanced, kó sì so ó mọ́ Anki. Ìyẹn ti kúrò nílẹ̀ báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé síláìdì wọlé, á fi àpótí bo orúkọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ sára àwòrán, àpótí kọ̀ọ̀kan á sì di káàdì kan. Anki á wá máa gbé àwọn káàdì náà padà fún un, lónìí, lọ́túnla, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bó bá ṣe rántí wọn sí.

Bí ó ṣe yá tó ni àwọn èèyàn ń sọ jù. Èmi ń wo ibòmíràn. Lókè ojú ewé tí a ti ń ya àpótí, a óò rí ohun méjì tí a lè yan: Hide All, Guess One, àti Hide One, Guess One. Èkíní ń bo gbogbo orúkọ, ó sì ń béèrè ọ̀kan nínú wọn. Èkejì ń bo ẹyọ kan péré, ó sì ń fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ gbangba. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ìrísí lásán, àmọ́ ibẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá eegun ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ tàbí àwòrán.

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ ìṣègùn ló jẹ́ kí n rí i. Síláìdì tó gbé kalẹ̀ jẹ́ ti ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, tí a wò láti ìhà àtẹ́lẹwọ́. Eegun mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ní ìlà méjì. Ìlà tó sún mọ́ apá, bí a bá kà á láti ìhà àtàǹpàkò lọ sí ìhà ìka kékeré, ni Scaphoid, Lunate, Triquetrum àti Pisiform. Ìlà tó sún mọ́ ìka ni Trapezium, Trapezoid, Capitate àti Hamate. Ó ya àpótí mẹ́jọ, ó yan Hide One, Guess One, ó sì jókòó tì í fún alẹ́ méjì. Ní alẹ́ kẹta ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó, mo ti gba gbogbo ẹ̀.” Lóòótọ́ ló gbà á. Bí àpótí bá ti yọ, orúkọ ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

Mo wá ní kó wá àwòrán ọwọ́ ọ̀tún kan náà jáde, kí ó jẹ́ láti ẹ̀yìn ọwọ́. Mo fi ìka tọ́ Scaphoid. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe Triquetrum nìyẹn?”

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, nítorí ọ̀nà mẹ́ta ni ìdáhùn gbà ń wọlé láì gba orí eegun kọjá.

Àkọ́kọ́ ni pé orúkọ méje ń wò ó lójú. Ẹni tó bá ti mọ orúkọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí bí ẹni ń ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kò nílò láti wo eegun rárá. Á wo orúkọ tó wà nílẹ̀, á mọ èyí tó sọnù, á sì dárúkọ rẹ̀. Ìbéèrè tó dáhùn ni “orúkọ wo ni kò sí níbí?”, nígbà tí ìbéèrè tí ìdánwò máa bi í jẹ́ “eegun wo nìyí?”

Èkejì jẹ́ ohun tí n kì bá tí kíyè sí bí kì í bá ṣe pé a wo àwọn àpótí náà pọ̀. Ó ya àpótí kọ̀ọ̀kan kó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó bò. Lẹ́tà mẹ́wàá ló wà nínú Triquetrum, mẹ́fà péré ló wà nínú Lunate àti Hamate. Kò sí orúkọ mìíràn láàárín mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó gùn tó Triquetrum. Nítorí náà àpótí tó gùn jù ti dáhùn ara rẹ̀ kí ojú tó dé orí eegun.

Ẹ̀kẹta ló le jù láti mú, torí pé Hide All pàápàá kò lè wò ó sàn. Ojú wa máa ń rántí ibi tí nǹkan wà lórí ojú ewé. Nínú síláìdì rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún tí a wò láti àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ ọ̀tún àwòrán ni àtàǹpàkò wà, nítorí náà Scaphoid wà ní ọ̀tún. Lọ́kàn rẹ̀, Scaphoid ti di “eegun ọ̀tún nísàlẹ̀”. Ẹ yí ọwọ́ kan náà padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí yín, àtàǹpàkò á bọ́ sí òsì, Scaphoid á tẹ̀ lé e, ọ̀tún nísàlẹ̀ á sì di ti Triquetrum. Ohun tó sọ fún mi gan-an nìyẹn. Kò gbàgbé nǹkan kan: ojú ewé ló rántí.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé Anki kò pa orúkọ rẹ́ lára àwòrán. Àwòrán wà bó ṣe wà, orúkọ wà lábẹ́ àpótí. Ohun tí Anki kọ sílẹ̀ kò ju ibi tí àpótí wà àti bó ṣe tóbi tó, ní ìdá ìbú àti ìdá gíga àwòrán náà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ rèé:

```
{{c1::image-occlusion:rect:left=.62:top=.41:width=.14:height=.05:oi=1}}
```

`c1` ni káàdì àkọ́kọ́. Àpótí náà bẹ̀rẹ̀ níbi ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú àwòrán láti òsì, àti ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún gíga rẹ̀ láti òkè. `oi=1` tó wà ní ìparí ni Hide All: ó ń sọ pé kí àpótí yìí ṣì bo orúkọ rẹ̀ nígbà tí kì í ṣe òun ni ìbéèrè kàn. Bí kò bá sí níbẹ̀, Hide One la wà. Kò sí ibì kankan nínú ìlà yẹn tí a ti dárúkọ eegun. Ibì kan lórí ojú ewé ni kọ̀ǹpútà mọ̀, ó sì rọrùn kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ pé níbo ló yẹ kí orúkọ wà lórí àwòrán ara èèyàn ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Nígbà tí Andreas Vesalius tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní Basel lọ́dún 1543, lẹ́tà kéékèèké ló fi sára àwọn àwòrán ibẹ̀, orúkọ tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún wà nínú àlàyé tó bá àwòrán lọ. Ẹni tó ń kà á ní láti wo eegun, wo lẹ́tà, kó tó lọ wá orúkọ. Láàárín ìrìn-àjò ojú yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti gbìyànjú láti dáhùn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé, Henry Gray kọ ìwé tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù, Henry Vandyke Carter sì ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 1858 ni ìwé náà jáde. Carter mú orúkọ kúrò nínú àlàyé, ó kọ ọ́ sára eegun àti iṣan fúnra wọn, tí orúkọ ń tẹ̀ lé bí iṣan ṣe tẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ojú kò ní rìn jìnnà mọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán Carter, ìdáhùn ti wà lára ìbéèrè, kò sì sí ohun tó ń mú òǹkàwé wá a lọ́kàn ara rẹ̀. Àpótí tí àbúrò mi ń yà ń dá ìrìn-àjò ojú ìgbà Vesalius padà ni.

Kí nìdí tí wíwá a lọ́kàn fi ṣe pàtàkì? Ọdún 2006 ni àwọn olùwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde, èyí tí àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn sábà máa ń tọ́ka sí. Àwọn kan ka àyọkà, wọ́n tún un kà. Àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù, 81 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó yí padà: 42 péré fún wọn, 56 fún àwọn tó dán ara wọn wò. Àmọ́ àyọkà ni wọ́n lò, kì í ṣe àwòrán eegun. Láti àyọkà dé ọrùn ọwọ́, àwa la ń fò ó. Mo rò pé ó tọ́ ká fò ó, ṣùgbọ́n ní àdéhùn kan: kí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fà jáde lọ́kàn jẹ́ ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ “àpótí tó gùn jù” ló ń fà jáde lálaalẹ́, àpótí tó gùn jù ni yóò mọ̀ dáadáa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Èyí kò sọ Hide One di aláìwúlò. Níbi tí aládùúgbò jẹ́ ara ìmọ̀ náà, bí àwọn ẹ̀ka iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yọ lára ara wọn, ó dára kí a rí èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Níbi tí orúkọ ti níye, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ iye náà sórí, Hide All ni mo fọwọ́ sí.

Ohun kan tún wà tí àpótí kankan kò lè béèrè. Scaphoid ni eegun ọrùn ọwọ́ tó máa ń ṣẹ́ jù, pàápàá bí èèyàn bá ṣubú tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ara rẹ̀ dúró. Apá tó jìnnà sí ìka nínú eegun náà ló wà nínú ewu, nítorí láti ìhà ìka ni ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti ń wọ inú rẹ̀. Bó bá ṣẹ́ láàárín, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ìhà kejì mọ́, eegun ibẹ̀ á sì kú. Àyè kan wà lára káàdì náà tó ń jẹ́ Back Extra, tó ń yọ lẹ́yìn ìdáhùn. Ibẹ̀ ló yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí wà, kí orúkọ má bàa dá dúró láìní ìtumọ̀.

A jókòó tún un ṣe. Ó ya gbogbo àpótí ní ìwọ̀n kan náà, ó yan Hide All, ó sì gbé àwòrán ẹ̀yìn ọwọ́ àti ti ẹ́síréè wọlé. Tí ẹ bá ń ya tiyín lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àwòrán kejì tó wo ẹ̀yà ara náà láti ìhà mìíràn kí ẹ tó sùn. Káàdì mẹ́jọ ni àbúrò mi rí nínú ti àtẹ́lẹwọ́, mẹ́jọ nínú ti ẹ́síréè, níbi tí Pisiform ti gorí Triquetrum. Nínú ti ẹ̀yìn ọwọ́, méje péré ló rí, nítorí iwájú Triquetrum ni Pisiform jókòó sí, a kì í sì í rí i láti ẹ̀yìn.