Mílímítà Mẹ́wàá Tí Kíndìnrín Fi Ń Sẹ́ Ẹ̀jẹ̀

Bí wọ́n bá bi akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní ìdánwò pé kí ni iṣẹ́ kíndìnrín, ọ̀pọ̀ á kọ ọ́ pé ó ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Wọn kò parọ́, àmọ́ kíndìnrín kì í ṣa ìdọ̀tí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ńṣe ló kọ́kọ́ ń ti omi inú ẹ̀jẹ̀ àti ohun kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ jáde, rere àti búburú pa pọ̀, lẹ́yìn náà ló wá ń gba èyí tí ara ṣì nílò padà. Títì jáde àkọ́kọ́ yẹn, ìyẹn sísẹ́, ni kí ẹ jẹ́ ká dúró lé lórí. Òun ló máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú jù.

Nẹ́fúrọ́ọ̀nù tó wà nínú kíndìnrín kan ṣoṣo tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìdì iṣan tín-ín-tín wà, tí à ń pè ní gulomẹ́rúlọ́ọ̀sì. Ògiri iṣan yìí ń ṣe bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì: omi, iyọ̀, gúlúkóòsì àti yúríà ń gbà á kọjá, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti purotéènì ńláńlá ń dúró sẹ́yìn bí eèrí. Ìdí nìyẹn tí purotéènì tó bá pọ̀ nínú ìtọ̀ fi máa ń mú wa fura pé asẹ́ náà ti ń ya.

Kí ló wá ń ti omi náà kọjá? Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ gulomẹ́rúlọ́ọ̀sì fẹ̀ ju èyí tó ń gbé e jáde lọ, nítorí náà ìfúnpá inú ibẹ̀ ga ju ti àwọn iṣan tín-ín-tín yòókù nínú ara. Ẹ jẹ́ ká pè é ní mílímítà mẹ́kúrì 55. Nǹkan méjì ló ń bá a jà. Purotéènì tó ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀ ń fa omi mọ́ra pẹ̀lú agbára 30, omi tó sì ti kó jọ sínú ife tó yí ìdì iṣan náà ká ń tì í padà pẹ̀lú 15. Bí a bá yọ 30 àti 15 kúrò nínú 55, ó ku 10. Mílímítà mẹ́wàá péré yìí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Ó kéré, síbẹ̀ mílílítà 125 ló ń sẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn jẹ́ lítà 180 lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ omi ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju bíi lítà mẹ́ta lọ. Omi kan náà ló ń padà wá sẹ́ léraléra. Nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀ péré ló ń di ìtọ̀. Ara gba ìyókù padà.

Nítorí pé mẹ́wàá kò pọ̀, kò pẹ́ kó tó tán. Ẹ jẹ́ ká mú abiyamọ kan tó wọn kílò 60, tí ẹ̀jẹ̀ lítà kan ààbọ̀ dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ìfúnpá rẹ̀ já sí 80 lókè, 50 nísàlẹ̀. Láti mọ ìfúnpá àárín, ẹ yọ 50 kúrò nínú 80, ẹ pín 30 tó kù sọ́nà mẹ́ta, kí ẹ fi 10 tó jáde kún 50: ó di 60. Kíndìnrín lè máa dá ìfúnpá inú ara rẹ̀ tọ́jú níwọ̀n ìgbà tí ìfúnpá àárín kò bá tíì lọ sísàlẹ̀ 80 tàbí súnmọ́ ọn. Á fẹ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé, á sì fún èyí tó ń gbé e jáde pọ̀. Ní 60, ọgbọ́n yẹn kò tó mọ́. Bí 55 inú gulomẹ́rúlọ́ọ̀sì bá já sí 45, kò sí ohun tó kù láti ti omi.

Inú àpò ìtọ̀ ni nọ́ọ̀sì ti máa kọ́kọ́ rí i. Ìdajì mílílítà fún kílò kan ní wákàtí kan ló yẹ kí ó kéré jù, ìyẹn 30 fún obìnrin yìí. Ká ní 15 ló rí. Kó kọ́kọ́ wò ó bóyá rọ́bà ìtọ̀ ká tàbí dí. Bí rọ́bà bá dára, kó pe dókítà kíá, nítorí ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ dúró, kí wọ́n sì fi omi àti ẹ̀jẹ̀ rọ́pò èyí tó dà. Furosẹ́máìdì kò lè dá ìfúnpá padà. Omi tó kù lára ni yóò tún fà jáde. Daikilofẹ́nàkì tí wọ́n lè fẹ́ fún un nítorí ìrora náà léwu, torí ó ń dí ohun tó ń jẹ́ kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé fẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fọkàn balẹ̀ torí pé kiriátínínì ọjọ́ náà ṣì dára. Ó ń gba àkókò kó tó kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, nígbà tí ìtọ̀ ti lè dínkù láàárín wákàtí kan sí méjì.