Kí Ló Dé Tí Ẹgbẹ́ Kan Fi Jẹ́ Ìlọ́po Méjì Èkejì?

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2020, àwọn tó ń darí ìwádìí RECOVERY ní ilẹ̀ Bìrìtéènì ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ dẹksamẹtásónì: wọn ò gba aláìsàn tuntun kankan sínú rẹ̀ mọ́. Oògùn kò tán nílé ìwòsàn, àwọn aláìsàn Kòrónà kò sì tíì tán. Ìgbìmọ̀ tó pàṣẹ náà kò tíì fojú kan àbájáde, wọn ò mọ̀ bóyá oògùn náà ń gba ẹ̀mí là tàbí kò gbà á. Iye tí wọ́n ti ṣírò pé ìwádìí náà nílò ló pé: ó kéré tán, ènìyàn 2,000 tó ń lo oògùn, àti 4,000 tó ń gba ìtọ́jú bí ilé ìwòsàn ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ iye yìí á wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ènìyàn bá fẹ́ fi ẹgbẹ́ méjì wéra, ṣé kò ní pín wọn dọ́gba ni? Kí ló dé tí a ó fi kó 4,000 sí ọ̀nà kan, 2,000 péré sí ọ̀nà kejì? Ibo sì ni wọ́n ti rí 2,000 ọ̀hún gan-an?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Horby àti Martin Landray ti Yunifásítì Oxford ló ṣáájú ìwádìí náà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020, oògùn tí àwọn ènìyàn ń dárúkọ pé ó lè wo Kòrónà kò lóǹkà, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó ń ṣe iṣẹ́ nínú wọn. Dípò kí wọ́n ṣe ìwádìí kan fún oògùn kan, wọ́n kó bíi mélòó kan pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan: dẹksamẹtásónì, haidirọsikilorokúìnì, àpapọ̀ lopináfà àti ritonáfà, àti asitiromáísìnì. Bí aláìsàn bá gbà láti kópa, kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ kèké fún un. Wọ́n sì to kèké náà débi pé àǹfààní kí ènìyàn bọ́ sí ẹgbẹ́ ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá jẹ́ ìlọ́po méjì àǹfààní kó bọ́ sí ẹgbẹ́ oògùn kan ṣoṣo.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá ni òṣùwọ̀n tí a ń gbé oògùn kọ̀ọ̀kan lé. Ẹnì kan náà nínú ẹgbẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ fún ìfiwéra dẹksamẹtásónì, ó sì tún lè ṣiṣẹ́ fún ti haidirọsikilorokúìnì. Ẹni tó ń lo dẹksamẹtásónì kò wúlò ju fún ìfiwéra oògùn tirẹ̀ lọ. Àmọ́ kí a tó mọ bóyá ìpín báyìí ṣàǹfààní, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye náà.

Ohun mẹ́rin ni oníṣirò ń béèrè. Èkíní: ènìyàn mélòó nínú 100 ni a rò pé yóò kú láàárín ọjọ́ 28 bí wọn ò bá lo oògùn náà? Ìgbìmọ̀ RECOVERY fi í sí 20. Èkejì: ìyàtọ̀ wo ló kéré jù tó ṣì ní láárí fún dókítà àti aláìsàn? Wọ́n ní bí oògùn bá lè dín ikú kù ní ìdá kan nínú márùn-ún, ìyẹn láti 20 sí 16 nínú 100, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta: báwo ni a ṣe fẹ́ ṣọ́ra tó kí a má baà yin oògùn tí kò ṣe nǹkan kan? Wọ́n gbà pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan nínú 100 lọ. Ẹ̀kẹrin: bí oògùn bá ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀melòó nínú 100 ni a fẹ́ kí ìwádìí wa rí i? Wọ́n ní 90 ó kéré tán. Ìdáhùn kẹrin yìí ni wọ́n ń pè ní agbára ìwádìí.

Ìdí tí a fi nílò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé iye tí ojú wa rí máa ń mì. Bí a bá wo aláìsàn 100 nínú àwọn tí 20 nínú 100 wọn ń kú, ó lè jẹ́ 15 ló máa kú lójú wa, ó sì lè jẹ́ 26. Bí a bá wo 4,000, mímì náà á dínkù gan-an. Nígbà tí a bá yọ ẹgbẹ́ kan kúrò lára èkejì láti rí ìyàtọ̀, mímì ti ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń para pọ̀ sínú ìyàtọ̀ náà. Ìlànà ìṣirò tó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ àwọn oníṣirò nìyí:

```
n = (za + zb)^2 * [p1*(1-p1) + p2*(1-p2)/k] / (p1-p2)^2
```

`n` ni iye ẹgbẹ́ oògùn, `k` ni iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kejì fi tóbi jù ú lọ. `p1` ni ìpín àwọn tí a retí pé yóò kú nínú ẹgbẹ́ oògùn, èyí ni 0.16, `p2` sì ni ti ẹgbẹ́ kejì, 0.20. `za` àti `zb` wá láti inú ìdáhùn kẹta àti ìkẹrin: 2.576 fún àṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan nínú 100, 1.282 fún agbára 90. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, tí a sì fi àpapọ̀ náà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, a ó ní nǹkan bíi 14.88.

Ó wá ku mímì. Ti ẹgbẹ́ oògùn ni 0.16 lọ́nà 0.84, tó jẹ́ 0.1344. Ti ẹgbẹ́ kejì ni 0.20 lọ́nà 0.80, tó jẹ́ 0.16, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹgbẹ́ yìí jẹ́ ìlọ́po méjì, a ó pín in sí méjì kó di 0.08. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.2144. Ìyàtọ̀ tí a ń wá jẹ́ 0.04, ìlọ́po ara rẹ̀ sì jẹ́ 0.0016. Fi 0.0016 pín 0.2144, o rí 134. Sọ ọ́ di ìlọ́po 14.88, o rí 1,994. Ẹgbẹ́ oògùn nílò 1,994 ènìyàn, ẹgbẹ́ kejì nílò 3,988. Ibẹ̀ gan-an ni 2,000 àti 4,000 ti RECOVERY bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká wá dán ìpín dọ́gba wò. Bí `k` bá jẹ́ 1, ìlànà yẹn á fún wa ní 2,738 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 5,476. Ìpín ìlọ́po méjì gba 5,982. Nítorí náà, bó bá jẹ́ oògùn kan ṣoṣo ni à ń yẹ̀ wò, àìdọ́gba ti ná wa ní ènìyàn 506 lásán. Bí a bá sì tẹ̀ síwájú sí ìlọ́po mẹ́ta, ẹgbẹ́ oògùn á dínkù sí 1,746, ẹgbẹ́ kejì á ròkè sí 5,238. A fi ènìyàn 1,250 kún ọ̀nà kan kí a lè dín 248 péré kù ní ọ̀nà kejì. Ká tiẹ̀ ní gbogbo aláìsàn tó wà láyé wà ní ẹgbẹ́ kejì, ẹgbẹ́ oògùn kò lè dín ju 1,250 lọ, nítorí pé mímì tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí iye ènìyàn tí a kó sí òdìkejì tó lè pa á.

Ṣùgbọ́n oògùn mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Ká ní wọ́n ṣe ìwádìí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìpín dọ́gba, 5,476 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 21,904. Ká ní wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ẹgbẹ́ márùn-ún tó dọ́gba, 2,738 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 13,690. Ìpín ìlọ́po méjì ń béèrè 1,994 fún oògùn kọ̀ọ̀kan àti 3,988 fún ẹgbẹ́ òṣùwọ̀n, àpapọ̀ 11,964. Àìdọ́gba tó ń náni lówó nínú ìwádìí oògùn kan wá di èrè nínú ti oògùn mẹ́rin. Àwọn oníṣirò mọ èyí pẹ́: bí oògùn bá jẹ́ mẹ́rin, ìlọ́po méjì ló yẹ ẹgbẹ́ òṣùwọ̀n, bó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ìlọ́po mẹ́ta. Lójú ayé, ìṣirò náà kì í mọ́ tó báyìí, torí kì í ṣe gbogbo oògùn ló bá gbogbo aláìsàn mu, ilé ìwòsàn mìíràn kò sì ní òmíràn lọ́wọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí olùwádìí ṣírò iye fún ìpín dọ́gba, kó rí 5,476, lẹ́yìn náà kó wá pín iye yẹn kan náà sí ìlọ́po méjì: 1,825 síbí, 3,651 sọ́hùn-ún. Kò sí ohun tó máa dà bíi pé ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n agbára ìwádìí náà ti já sí nǹkan bíi 87 láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹni tó bá ń ka ìròyìn ìwádìí lè fura bó bá rí ẹgbẹ́ tí kò dọ́gba, tí kò sì rí ibi tí wọ́n ti sọ `k` tí wọ́n lò.

Àṣìṣe tó tún burú ju ìyẹn ni kí a rò pé ìyàtọ̀ tí à ń wá tóbi ju bó ṣe jẹ́ lóòótọ́ lọ. Nítorí pé ìyàtọ̀ náà ń di ìlọ́po ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ìlànà, bí RECOVERY bá fẹ́ rí láti 20 sí 18 dípò 16, ẹgbẹ́ oògùn nìkan á nílò ju 8,400 lọ. Ohun tó sì lè jẹ ìyàtọ̀ náà láìròtẹ́lẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Nínú ẹgbẹ́ ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá, nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 100 ni dókítà wọn padà fún ní dẹksamẹtásónì, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 5 nínú 100 nínú ẹgbẹ́ oògùn kò lò ó rárá. Ẹgbẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jọra díẹ̀díẹ̀, ìyàtọ̀ tó kù láti rí sì ń kéré sí i.

Àbájáde jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà. Iye tó wọlé jẹ́ 2,104 ní ẹgbẹ́ oògùn, 4,321 ní ẹgbẹ́ kejì. Àwọn tó kú láàárín ọjọ́ 28 jẹ́ 22.9 nínú 100 níbi oògùn, 25.7 níbi ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá. Ikú ju 20 tí wọ́n rò lọ, ìyàtọ̀ sì kéré ju 4 tí wọ́n gbèrò. Kèké ti ṣèèṣì kó àwọn tó dàgbà díẹ̀ sí ẹgbẹ́ oògùn, wọ́n fi nǹkan bí ọdún kan dàgbà ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ọjọ́ orí yẹ̀ wò nínú ìṣirò, ikú ti fi nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 dínkù, ìdánilójú rẹ̀ sì kọjá ààlà tí wọ́n fà sílẹ̀.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti hàn jù ni àárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Wọn ò pọ̀: 324 ní ẹgbẹ́ oògùn, 683 ní ẹgbẹ́ kejì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà iye tí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò. Síbẹ̀, ikú jẹ́ 29.3 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó lo oògùn, 41.4 lọ́dọ̀ àwọn tí kò lò ó. Ìyàtọ̀ 12 kò nílò ènìyàn ẹgbẹ̀rún méjì kó tó hàn sójú.